Ooru inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò jẹ́ kí n sùn, kí ni kí n ṣe?

Abíọ́dún_Adénìkẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Adénìkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá. Fèrèsé kan ló ní, ó kọjú sí títì. Ihò atẹ́gùn kan wà lókè ògiri ẹ̀yìn, mo fi páálí dí i nítorí ẹ̀fọn. Nẹ́ẹ̀tì tí mo ní ni èyí tó rí róbótó lókè, tí wọ́n ń fi ìṣó kan ṣoṣo kọ́. Bí nẹ́pà bá ti mú iná lóru, òógùn á bò mí, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́ mo máa ń bá ara mi lóde nẹ́ẹ̀tì, gbogbo apá mi á ti wú. Báwo lèèyàn ṣe lè sùn nínú nẹ́ẹ̀tì kí atẹ́gùn sì tó o?

Baálé_Owódé:
Àbúrò, Ọ̀yọ́ ni mo wà, ooru tiwa náà ò kéré. Èmi ò lo nẹ́ẹ̀tì mọ́. Fáànù onídùúró ni mo gbé sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, mo dojú rẹ̀ kọ mí láti ẹsẹ̀ dé àyà. Ẹ̀fọn ò lágbára láti fò nínú atẹ́gùn tó le, á kàn máa yí gbirigbiri lókè ni. Bí fáànù bá ń fẹ́ dáadáa, kò sí ẹ̀fọn tó máa bà lé ẹ. Ta nẹ́ẹ̀tì yẹn fún ẹlòmíì.

Àdìó_Sábó:
Má wulẹ̀ dààmú, bọ̀dá. Ọtapiápiá ni kí o rà, kí o fọ́n ọn sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn kọ́tìnì ní aago méje, kí o ti ilẹ̀kùn. Aago mẹ́wàá kí o wọlé sùn. Gbogbo ẹ̀fọn á ti kú sílẹ̀.

ÌyáÌbejì:
Àdìó, ohun tó bi wá yàtọ̀. Ooru ló ń sọ, kò béèrè bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀fọn. Ọtapiápiá yẹn ò sì dára nínú yàrá téèyàn ń sùn. Olóró ni, ẹni tó bá fà á símú á máa tọ́ dà lẹ́nu, ojú rẹ̀ á máa ṣú, mímí á sì nira fún un. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títà ìgò kékeré tó jẹ́ 100 mílílítà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní ilé ìtajà. Ẹ má fi sí ibi tí ọmọ wà.

Kọ́ìlì ni èmi ń tan tẹ́lẹ̀. Mo ní ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ní èémí tó ń ṣe é. Nígbà òjò ni mo máa ń tan án sí ẹnu ọ̀nà, mo sì máa ń ti fèrèsé kí òjò má baà wọlé. Kò pẹ́ tí Táíwò á fi bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, àyà rẹ̀ á máa hó. Ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ ló sọ fún wa pé èéfín ni. Ẹni tó ní ọmọ bẹ́ẹ̀, kó gbàgbé kọ́ìlì.

Àdìó_Sábó:
Ẹ ṣé, ìyá. Mo ṣì ìbéèrè náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ó tún dà bíi pé kọ́ìlì dára ju fífọ́n lọ, àbí?

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Àfọ́n:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, mo ti máa ń pín nẹ́ẹ̀tì fún àwọn ìyá lọ́jọ́ tó pẹ́.

Kọ́ìlì kọ́kọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2003 wọn eruku wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó ń jáde bí kọ́ìlì kan bá jó tán, wọ́n sì rí i pé ó tó ti sìgá 75 sí 137. Ẹ ronú nípa ìyẹn nínú yàrá ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Kọ́ìlì ń lé ẹ̀fọn lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yẹ ẹ, nígbà tí ẹ bá jókòó síta lálẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ tan án nínú yàrá, fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí, ìyẹn sì tako ohun tí ẹ ń wá.

Bàbá Owódé, òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ̀fọn ò lágbára nínú atẹ́gùn, atẹ́gùn sì ń tú èémí wa ká, òun ni ẹ̀fọn fi ń mọ ibi tí a wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín dúró sí ni iná. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà kì í sábà jẹun ní ìrọ̀lẹ́. Láti bí aago mẹ́wàá alẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru sí ìdájí ló sì ń le jù. Bí nẹ́pà bá mú iná lọ ní aago kan òru tí ẹ ò sì tún jí, fáànù yín ti dákẹ́ ní wákàtí tó burú jù. Ẹni tó sùn nínú fáànù lásán ti fi gbogbo ààbò rẹ̀ lé nẹ́pà lọ́wọ́. Lílò wọn pọ̀ ló dára: nẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀fọn, fáànù fún ara.

Ó wá ku ti Abíọ́dún gan-an. Nẹ́ẹ̀tì máa ń dín atẹ́gùn kù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kì í dín in kù. Ó lè gba ju ìdajì atẹ́gùn tó yẹ kó kan yín lọ. Àmọ́ irú rẹ̀ àti bí ẹ ṣe so ó ló ń pinnu bó ṣe máa le tó. Ẹ wo èyí tó rí róbótó tí ẹ ní: gbogbo aṣọ rẹ̀ kó jọ sí òkè ní ojú kan, ó ká lé ara wọn ní ìpele-ìpele. Atẹ́gùn tó bá ti òkè bọ̀ ò lè la ibẹ̀ kọjá. Ó sì tún dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ sí ara ẹni, ìdí nìyẹn tí apá yín fi máa ń kan án. Apá tó bá sì kan nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn á ti ìta gbé ẹnu sí i, ó máa jẹ ẹ́ láti inú ihò aṣọ náà.

Onígun mẹ́rin ló yẹ kí ẹ wá, èyí tó dúró bí àpótí. Ẹ fi okùn mẹ́rin fà á dé ìṣó mẹ́rin lára ògiri, kó ga tó débi pé ẹ lè jókòó nínú rẹ̀ láìfi orí kàn án. Ẹ ki etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù yípo. Tí ó bá ń sún mọ́ ara yín, ó ti kéré jù tàbí kò le tó. Ẹ gbé fáànù sí ìhà kan, kó wà ní ìpele fóòmù, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì ní bí ìgbésẹ̀ méjì. Bí ó bá súnmọ́ jù, á máa ti nẹ́ẹ̀tì náà mọ́ ara yín, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí nẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ tan fáànù ni kí ẹ wò: kó kàn máa mì díẹ̀.

Ní ìgbà tí iná bá sì lọ, kò sí nǹkan tó máa dà bíi fáànù. Ìgbà yẹn ni ilé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ràn yín lọ́wọ́, mi ò sì mọ ilé tó. Ẹni tó ń ṣe fèrèsé lè sọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Abíọ́dún_Adénìkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, màmá. Ìbéèrè kan ṣì wà. Nẹ́ẹ̀tì yìí gbóná lójú àti imú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo sì sín púpọ̀. Ṣé ìyẹn ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ń fún mi lọ́rùn?

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Àfọ́n:
Oògùn ara rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ooru. Bí ẹ bá yọ nẹ́ẹ̀tì tuntun kúrò nínú ọ̀rá, ẹ tẹ́ ẹ sínú ìbòòji fún wákàtí mẹ́rìnlélógún kí ẹ tó so ó. Ẹ má tẹ́ ẹ sínú oòrùn, oòrùn ń ba oògùn náà jẹ́. Ẹni tí awọ ara rẹ̀ bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn ìyẹn, kó fi ọṣẹ aláìle fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó tún so ó. Oògùn inú rẹ̀ gbà tó ogún fífọ̀, a sì máa ń retí kó lò tó ọdún mẹ́ta. Fífọ̀ tó bá pọ̀ jù ni ẹ má ṣe. Nígbà tó bá dọ̀tí lẹ́yìn ọ̀yẹ́, ẹ rọra fọ̀ ọ́, ẹ sì sá a sínú ìbòòji. Má fi bíliìṣì sí i.

Káfíńtà_Tákí:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi máa ń ṣe fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Bí Abíọ́dún ṣe ṣàpèjúwe ilé yẹn, mo rí ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Páálí tó fi dí ihò òkè yẹn ni.

Yàrá tó bá ní ojú kan ṣoṣo, atẹ́gùn ò ní rí ibi tó máa gbà jáde, kò sì ní wọlé. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, ó sì dára kí ibi tó ń jáde ga ju ti ìwọlé lọ, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ sókè. Ihò òkè ògiri ẹ̀yìn yẹn ni ibi ìjáde tìrẹ. Bó o ṣe dí i yẹn, o ti dá afẹ́fẹ́ gbígbóná náà dúró sínú yàrá, ó ń rọ̀ sórí rẹ bí ògiri bulọ́ọ̀kù ṣe ń tu ooru ọ̀sán jáde sínú yàrá. Ilé alámọ̀ àtijọ́ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ lóru, bulọ́ọ̀kù àti páánù ló ń ṣe é.

Yọ páálí náà. Gé pákó wẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, fi wọ́n ṣe férémù tó bá ihò náà mu, fi ìṣó kékeré kan nẹ́ẹ̀tì fèrèsé mọ́ ọn, kó le gbọn-in. Tẹ̀ ẹ́ sínú ihò náà kí igun kankan má ṣí, ẹ̀fọn ò nílò ju ihò kékeré lọ. Lúfà iwájú náà ń kọ́? Ṣé nẹ́ẹ̀tì wà lójú rẹ̀?

Abíọ́dún_Adénìkẹ́:
Ó wà níbẹ̀ o, láti ìgbà tí mo ti kó wọlé. Mi ò fọwọ́ kàn án rí.

Káfíńtà_Tákí:
Ibẹ̀ ni kó o lọ wò lónìí. Dúró sínú yàrá lọ́sàn-án, wo ojú nẹ́ẹ̀tì náà sí ìmọ́lẹ̀ ìta. Bó o bá rí i bíi aṣọ tó ti ṣókùnkùn, tí ojú rẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́, eruku ọ̀yẹ́ àti èéfín títì ti dí i. Mo ti yọ òmíràn ní ìsàlẹ̀ Tákí tó jẹ́ pé bí mo ṣe fọwọ́ gbá a, eruku pupa ya bí ìyẹ̀fun sílẹ̀, ihò inú rẹ̀ ò hàn mọ́ rárá. Ẹni tó wà nínú yàrá yẹn ń rojọ́ pé atẹ́gùn kò sí. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti omi ọṣẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ fi omi tútù ṣàn án. Lẹ́yìn ọ̀yẹ́, nígbà tí òjò bá fẹ́ dé, ló yẹ kí gbogbo ilé máa ṣe é.

Kí ẹ tó kan ìṣó mọ́ ògiri ilé onílé, ẹ bi í o.

Baálé_Owódé:
Nọ́ọ̀sì, mo gba ọ̀rọ̀ iná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ní oṣù kejì sí ìkẹta tí ooru ń le jù, ṣé ẹ̀fọn ibà wà? Òjò ò tíì rọ̀ nígbà yẹn. Èmi rò pé ìgbà òjò nìkan ló yẹ ká lo nẹ́ẹ̀tì, ká fi ìgbà ooru sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Àfọ́n:
Bàbá, ẹ mú ibi tó dára. Ẹ̀fọn ibà fẹ́ràn omi tó mọ́, tí oòrùn ń ràn sí, irú èyí tó ń dúró sí ojú ọ̀nà àti ẹsẹ̀ mọ́tò lẹ́yìn òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irú omi bẹ́ẹ̀ ń dín kù, òun náà sì ń dín kù. Èyí tí ẹ ń gbọ́ tó ń kùn létí lóru ní oṣù kejì, irú mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Inú gọ́tà tí omi dídọ̀tí dúró sí àti inú sokawée ni wọ́n ti ń wá, ẹ̀ẹ̀rùn kì í dá wọn dúró. Ìdààmú ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í fa ibà.

Ṣùgbọ́n dídín kù kì í ṣe tán. Ó wà nínú wa tó ń rí ibà ní oṣù kejì. Fún aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, mi ò ní gbà kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní oṣù kankan. Fún àgbàlagbà tó lágbára tó sì ní yàrá tó ní nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó dára, ibi tí ọwọ́ mi dúró sí ni pé kó sùn nínú rẹ̀, àmọ́ mi ò ní bá yín jà.

Baálé_Owódé:
Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà pátápátá, àmọ́ ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ ní ìsinmi, màá so ti tirẹ̀.

Ọmọ_Akẹ̀sán:
Ẹ bá mi dá sí èyí. Òróró tí wọ́n ń fi pa ara kí ẹ̀fọn má jẹni, ṣé a lè fi ìyẹn rọ́pò nẹ́ẹ̀tì? Kò gbóná, kò sì dí atẹ́gùn.

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Àfọ́n:
Èyí tí wọ́n fi díìtì ṣe dára, oògùn tó ń lé ẹ̀fọn ni, DEET ni wọ́n ń kọ ọ́ sára ìgò, ẹ wo iye rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lè bò yín fún bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Òógùn sì ń dín in kù. Ẹni tó bá pa á ní aago mẹ́wàá, tó sì sùn nínú ooru, ó ti fẹ́ tán nígbà tí ẹ̀fọn ibà bá ń jẹun jù. Ó dára fún àlejò tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ẹni tó ń kàwé títí òru. Kò dára fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ wọnú nẹ́ẹ̀tì.

Abíọ́dún_Adénìkẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Onílé gbà kí n kan ìṣó. Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yẹn ti dí bí ẹ ṣe wí, omi tó jáde lára rẹ̀ nígbà tí mo fọ̀ ọ́ dúdú. Mo yọ páálí, mo fi férémù rọ́pò rẹ̀. Mo so nẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́rin, ó ga tó débi pé mo lè jókòó nínú rẹ̀, mo gbé fáànù sí ìhà fèrèsé kó máa fà tòde wọlé.

Bí iná bá wà, ó dára gan-an, ara mi tutù. Bí iná bá lọ, ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí mo ń gbọ́ atẹ́gùn díẹ̀ tó ń la yàrá kọjá láti fèrèsé lọ sókè, àmọ́ ní òru tí ìta gan-an ò ní atẹ́gùn, mo ṣì ń làágùn. Ní irú òru bẹ́ẹ̀ mo máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo sì ń so nẹ́ẹ̀tì náà wálẹ̀ kan ẹní, mo ki etí rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tutù ju fóòmù lọ.

ÌyáÌbejì:
Ẹ kú ìṣe. Ẹní yẹn náà ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ sùn nígbà ooru. Ẹ rí i dájú pé nẹ́ẹ̀tì náà gùn tó, nítorí àwọn ọmọ ń yí, ẹsẹ̀ wọn á máa yọ sábẹ́ rẹ̀. Èmi fi bíríkì kékeré tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀.

Káfíńtà_Tákí:
Fáànù oníbátìrì kékeré ńkọ́? Àwọn kan ń gbé e sínú nẹ́ẹ̀tì lóru. Nígbà tí atẹ́gùn bá ti wà nínú, kò nílò láti la aṣọ kọjá mọ́, èyí tó kéré náà á tó.

Abíọ́dún_Adénìkẹ́:
Mo ti ń rò ó. Èyí tí mo wò lọ́jà, ẹni tó ń tà á ní ó ń lo wákàtí mẹ́rin bí ó bá ń fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì ń kùn díẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ọ̀kan nínú yín, ṣé ó ń dé ìdájí lóòótọ́?

Ọmọ_Akẹ̀sán:
Èmi ní ọ̀kan. Nígbà tó wà ní tuntun, ó ń dé ìdájí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, kì í kọjá aago mẹ́ta òru mọ́. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ má gbé e sórí fóòmù nígbà tó bá ń gba iná. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ kó gba iná kún kí ẹ tó sùn, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e wọlé.

Nọ́ọ̀sì_Ìsàlẹ̀Àfọ́n:
Bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sì jìnnà sí aṣọ nẹ́ẹ̀tì, kó má baà fà á. Abíọ́dún, ẹ máa wo nẹ́ẹ̀tì náà fún ihò nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Ihò tó bá gba àtàǹpàkò, ẹ rán an ní ọjọ́ yẹn.